Ìdí Ìkòkò Nínú Àwòrán Funfun

Aago mẹ́sàn-án kọjá ìṣẹ́jú mẹ́wàá ni, láàárọ̀ Ọjọ́bọ̀. Àwa mẹ́ta la wà nínú ṣọ́ọ̀bù mi ní Ṣakí: èmi, ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tó ń mọ ìkòkò ní Àgọ́ Àmọ̀dù, àti onígbàjámọ̀ tí ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi, tó wá jókòó sórí àga oníbàárà mi nítorí pé kò tíì rí orí kankan fá.

Iṣẹ́ fọ́tò àti títẹ ìwé ni mò ń ṣe. Mò ń ya àwòrán ìwé ìrìnnà, mò ń tẹ ìwé ìpè ìsìnkú, mò ń tún àwòrán àtijọ́ ṣe. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi kì í sábà wá síbẹ̀. Lọ́jọ́ yẹn, kò jókòó. Ó dúró ti tábìlì mi, ó fi ọwọ́ méjèèjì di fóònù rẹ̀ mú bí ẹni gbé abọ́ omi gbígbóná.

"Ọkọ wa," ló wí, "ọkùnrin yẹn ní òun ti kúrò ní Ìbàdàn."

"Ọkùnrin wo ni, Ìyá?"

"Ẹni tó fẹ́ máa bá mi ta ìkòkò lórí fóònù. Ó ní kí n fi àwòrán ránṣẹ́ kí òun tó dé Ìsẹ́yìn. Ó ní bí àwòrán bá dáa, òun á máa bọ̀ tààrà. Bí kò bá dáa, Ìsẹ́yìn lòun á ti yí padà."

Mo gba fóònù náà. Ó ti ya àwòrán kan fúnra rẹ̀. Ìkòkò ọbẹ̀ ni, ìṣaasùn dúdú tó ń dán díẹ̀, tó gbé ka òṣùká àkísà nínú àgbàlá rẹ̀. Ìkòkò náà dáa. Ohun tó wà lẹ́yìn rẹ̀ ni kò dáa. Igi ìdáná wà níbẹ̀, òmíràn ti jó dé ìdajì. Korobá pupa kan wà níbẹ̀, àti okùn tí wọ́n sá ṣòkòtò ọmọdé sí. Àgbébọ̀ adìyẹ kan dúró, ó ń wo ìkòkò bí ẹni fẹ́ ná an. Ẹsẹ̀ òun fúnra rẹ̀ sì yọ lápá òsì pẹ̀lú sálúbàtà rọ́bà.

Ó tẹ ohùn tí ọkùnrin náà fi ránṣẹ́ kí n gbọ́.

"Màmá, ẹ jọ̀ọ́, mi ò fẹ́ rí nǹkan kan nínú àwòrán àfi ìkòkò. Kí ẹ̀yìn rẹ̀ funfun báláú. Kí òjìji díẹ̀ wà nídìí rẹ̀, kó má baà dà bí ohun tó ń fò. Bí gbogbo ọjà tó wà nínú ìsọ̀ mi lórí fóònù ṣe rí nìyẹn."

"Ṣé adìyẹ yẹn ò sí fún títà ni?" onígbàjámọ̀ bèèrè. Ó ti na ọrùn wò ó.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi kò rẹ́rìn-ín. Mo mọ ìdí tí kò fi rẹ́rìn-ín.

Nígbà kan, àwọn èèyàn máa ń ti Ọ̀tú àti Ìlérò wá ra ìkòkò ní àgbàlá wọn. Ìkòkò irin ti gba ọjà náà báyìí. Ìkòkò amọ̀ tí ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi sun ní ẹ̀ẹ̀rùn tó kọjá ṣì wà nínú ahéré, ó to wọ́n léra wọn títí dé ìsàlẹ̀ òrùlé. Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tó wà ní Èkó ti wò ó, ó sì ti sọ̀rọ̀. Ó ní bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti rọ̀, òun ń bọ̀ wá mú un lọ, kò ní máa wa amọ̀ mọ́, kò ní máa fi ẹ̀yìn ru igi mọ́. Èyí kì í ṣe ìkà. Ọmọ rere ni. Ṣùgbọ́n ìyá náà kò fẹ́ lọ. Ó dá a lóhùn pé bí ẹnì kan bá ṣì ń ra ìkòkò òun, òun ò níbì kan í lọ. Ọmọ náà ní ó dáa, kí ẹni náà yọjú. Ẹni náà ló ń bọ̀ láti Ìbàdàn yìí.

Ẹ̀gbọ́n yìí ló tọ́ ìyàwó mi dàgbà lẹ́yìn tí ìyá wọn kú. Ọdún kẹrin rèé tí ìyàwó mi náà ti kú. Láti ìgbà náà, bí a bá ríra, a kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀. Èmi náà kì í ṣe ẹlẹ́nu. Mo ti lé lọ́gbọ̀n ọdún kí n tó jókòó ní kíláàsì àwọn àgbà láti mọ̀ọ́kọ mọ̀ọ́kà, ìyàwó mi ló sì fi orúkọ mi sílẹ̀ níbẹ̀ láì bi mí. Ohun tí mo mọ̀ lónìí, ìdílé yẹn ló ṣílẹ̀kùn rẹ̀ fún mi.

Ká ní ìkòkò náà wà níwájú mi ni, ǹ bá gbé e sórí páálí funfun lẹ́bàá ilẹ̀kùn, kí n yà á, kó tán. Ṣùgbọ́n Àgọ́ Àmọ̀dù ni ìkòkò wà, ọkùnrin sì wà lójú ọ̀nà. Àwòrán kan ṣoṣo tó wà lọ́wọ́ wa ni ti aládìyẹ yìí.

"Ẹ jókòó, Ìyá," mo wí. "Ẹ jẹ́ kí n wò ó."

"Mo ti jókòó nínú ọkọ̀ tó. Ẹ ṣe é."

Mo gbé àwòrán sínú kọ̀ǹpútà. Ohun èlò kan wà níbẹ̀ tó ń gé ẹ̀yìn àwòrán fúnra rẹ̀. Mo tẹ̀ ẹ́. Ó gé okùn aṣọ kúrò, ó gé korobá, ó gé adìyẹ. Ó tún gé lára etí ìkòkò dànù, nítorí pé etí ìkòkò dúdú bí igi tó jó tó wà lẹ́yìn rẹ̀, ẹ̀rọ ò mọ ibi tí ọ̀kan parí sí. Sálúbàtà nìkan ló fi sílẹ̀ lódindi.

"Ẹ̀rọ yín fẹ́ràn bàtà," onígbàjámọ̀ wí.

Mo dá gbogbo rẹ̀ padà. Mo mú ohun tí a fi ń fa ìlà, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í fi ọwọ́ yí ìkòkò ká. Iṣẹ́ yẹn gba sùúrù. Èèyàn á tẹ ojú kan, á tẹ òmíràn, á fa ìlà tó wà láàárín wọn títí tí yóò fi tẹ̀ bí ara ìkòkò ṣe tẹ̀. Ìlà náà kì í wà lórí etí gan-an, díẹ̀ sínú ni. Bó bá bọ́ síta, àwọ̀ ohun tó wà lẹ́yìn á lẹ̀ mọ́ ọn. Lápá ọ̀tún, pupa korobá ti ta sí ara ìkòkò. Mo ní láti yọ ọ́ díẹ̀díẹ̀, kí ìkòkò má baà ní ẹ̀gbẹ́ pupa bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde nínú iná.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi kò yẹ̀ lẹ́yìn mi. Mo ń gbọ́ èémí rẹ̀. Bí fóònù rẹ̀ bá ti dún, ó ń ta gìrì.

"Ó ní òun ti ń kúrò ní Ọ̀yọ́."

"Mo gbọ́, Ìyá."

Mo dé ìsàlẹ̀. Òṣùká wà níbẹ̀, àkísà tí wọ́n ká róbótó, okùn ń já lára rẹ̀. Ọkùnrin náà ní òun kò fẹ́ rí nǹkan kan àfi ìkòkò. Àkísà kì í ṣe ìkòkò. Mo gé òṣùká dànù. Ìsàlẹ̀ ìkòkò ti wọ inú òṣùká, nítorí náà kò hàn nínú àwòrán. Níbi tó ti wọ inú rẹ̀, mo fa ìlà kan láti òsì sí ọ̀tún, mo tẹ̀ ẹ́ díẹ̀ bí etí abọ́. N kò ronú sí i. Ojú ń kán mi.

Mo wá fi ìpele funfun kan, bí ìwé tí a tẹ́, sábẹ́ ìkòkò. Mo yẹ funfun náà wò pẹ̀lú ohun tó ń ka àwọ̀, nítorí pé ojú máa ń tan èèyàn. Ohun tí ojú ń pè ní funfun lè jẹ́ eérú. Ó funfun tán pátápátá.

Ìkòkò dá wà láàárín funfun. Kò sí àgbàlá mọ́, kò sí igi, kò sí ẹsẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n," onígbàjámọ̀ wí, "ìkòkò yín ti gbéra nílẹ̀ o. Ó ti ń lọ Mẹ́kà."

Òótọ́ ló sọ. Bí kò bá sí òjìji, ohunkóhun tí a bá gbé sórí funfun a máa fò. Mo ṣí ìpele mìíràn sí àárín funfun àti ìkòkò. Mo ya òjìji méjì síbẹ̀. Èyí àkọ́kọ́ tẹ́ẹ́rẹ́, ó dúdú díẹ̀, ó wà ní ibi tí ìdí ìkòkò ti kan ilẹ̀ gẹ́lẹ́. Èkejì fẹ̀ jù ú, ó rọ̀, ó sì ń pòórá bó ṣe ń jìnnà. Mo fà á sí ọ̀tún díẹ̀, nítorí pé apá òsì ni oòrùn ti wá nínú àwòrán tí ó yà, ìmọ́lẹ̀ ikùn ìkòkò sì wà lápá òsì. Mo dín agbára rẹ̀ kù títí tí kò fi jọ yíǹkì tó dà sílẹ̀.

Ìkòkò balẹ̀. Ojú ara mi ni mo fi rí i tó balẹ̀.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi tẹ̀ síwájú.

"Ṣé tèmi nìyí?"

"Tiyín ni."

"Ó mọ́." Ó fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú. "Ó mọ́ bí ohun tí wọ́n kó wá láti òkè òkun."

Mo fi ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀, òun náà fi ránṣẹ́ sí ọkùnrin náà. A dúró. Kò pẹ́ tí ohùn kan fi wọlé, ariwo ọkọ̀ wà nínú rẹ̀.

"Màmá! Ẹ ṣeun! Ìdí pẹrẹsẹ! Ohun tí mo ti ń wá kiri nìyí! Gbogbo ìkòkò amọ̀ tí mo ń rí, ìdí róbótó ni, àwọn oníbàárà mi sì ń lo gáàsì. Mo ti gbé e sínú ìsọ̀ báyìí. Mò ń bọ̀. Ṣọ́ọ̀bù onífọ́tò yẹn ni màá ti wá gbé yín."

"Àlùhámúdùlíláì!" Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi gbé ọwọ́ sókè. Onígbàjámọ̀ pàtẹ́wọ́ fún un, ó ní kí Ìyá má gbàgbé aládùúgbò. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi jókòó nígbẹ̀yìn. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ nọ́ńbà ọmọ rẹ̀.

Mo yí padà sí ojú kọ̀ǹpútà.

Ìkòkò tó wà níbẹ̀ ní ìdí pẹrẹsẹ. Ó jókòó bí páànù. Òjìji tí mo fi sí i ló sì fi èdìdì dì í. Òjìji ibi tí ohun kan ti kan ilẹ̀ máa ń sọ bí ìdí rẹ̀ ṣe rí. Bí ìdí bá róbótó, ojú kan péré ni yóò kan ilẹ̀, òjìji ibẹ̀ á kéré, ìmọ́lẹ̀ á yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ méjèèjì. Èyí tẹ́ẹ́rẹ́ tí mo yà síbẹ̀ gùn láti òsì dé ọ̀tún bí òṣùká ṣe fẹ̀ tó. Láti kékeré ni mo ti ń rí ìkòkò lórí òṣùká tàbí lórí ààrò, ojú mi ti mọ́ ọn kó fẹ̀ nísàlẹ̀. Mo gbé òṣùká kúrò, mo sì fi òjìji òṣùká sílẹ̀ fún ìkòkò.

"Ìyá," mo wí, "ẹ má tíì pè é."

"Kí ló dé?"

"Ìkòkò yín, ìdí róbótó ló ní."

"Ìdí wo ni ìkòkò ń ní?"

"Àwòrán ní pẹrẹsẹ ni. Ìyẹn ni inú ọkùnrin yẹn ń dùn sí."

Ó dìde. Ó wo ojú kọ̀ǹpútà, ó wò mí. Mo rí i bí ojú rẹ̀ ṣe ń yí padà.

"Kò burú," ó wí. Ohùn rẹ̀ ti lọ sílẹ̀. "Ẹ má sọ fún un. Ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ dé. Bó bá rí ìkòkò lójúkojú, tó gbé e dání, tó fi ìka kàn án tó gbọ́ bó ṣe ń dún, ọkàn rẹ̀ á yọ́."

"Kò ní yọ́. Á ní a tan òun."

"Ta ló tàn án? Ṣé èmi ni mo fa ìlà?"

Mo tún wo ìlà tí mo fà.

"Ẹ̀gbọ́n," onígbàjámọ̀ wí, "ẹ jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Ta ló ń wo ìdí ìkòkò?"

"Ẹni tó fẹ́ gbé e ka gáàsì."

"Wọ́n ní irin tí wọ́n ń gbé sórí gáàsì fún ìdí róbótó," ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi wí kíákíá. "Mo ti rí i rí."

"Ẹni tó bá mọ̀ pé róbótó ni ló máa wá irin. Ẹni tí a sọ fún pé pẹrẹsẹ ni á gbé e ka iná bẹ́ẹ̀, pẹ̀lú ọbẹ̀ nínú rẹ̀. Bó bá yí lu ẹsẹ̀ ọmọ ńkọ́?"

Mo jókòó, mo ṣí àwòrán àkọ́kọ́ padà, ti aládìyẹ.

"Kí lo fẹ́ ṣe?"

Láti ọjọ́ tí mo ti fẹ́ àbúrò rẹ̀, kò fi "o" bá mi sọ̀rọ̀ rí. "Ẹ" ni. Ó gún mi. Mo ń fa ìlà lọ.

"Mo ní kí lo fẹ́ ṣe? O fẹ́ kí wọ́n kó mi lọ Èkó ni? Kí n jókòó sínú yàrá, kí n máa wo tẹlifíṣọ̀n títí màá fi kú?"

"Rárá, Ìyá."

"Ká ní àbúrò mi wà láyé, kò ní jẹ́ kí o ṣe báyìí fún mi."

Ọ̀rọ̀ yẹn dá ọwọ́ mi dúró lórí máòsì. Onígbàjámọ̀ dìde, ó ní ó dà bíi pé òun gbọ́ ohùn oníbàárà, ó sì jáde. Kò sí oníbàárà kankan níta. Ó pẹ́ díẹ̀ kí n tó lè rí ojú ìlà tí mò ń tẹ̀. Ṣùgbọ́n mo tẹ̀ ẹ́.

Lọ́tẹ̀ yìí, n kò gé òṣùká. Mo fa ìlà yí ìkòkò àti òṣùká ká pọ̀. Àwọn okùn tó ń já lára àkísà, n kò rẹ́ wọn dànù, mo mú búrọ́ọ̀ṣì kékeré, mo fi tẹ̀lé wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Láàárín ikùn ìkòkò àti òṣùká, òkùnkùn kékeré kan wà níbẹ̀ láti inú àgbàlá, níbi tí ìdí ti ń rì sínú àkísà. Mo fi í sílẹ̀. Òun ló ń jẹ́ kí ojú mọ̀ pé ìdí ìkòkò ń tẹ̀ róbótó wọlé. Abẹ́ òṣùká ni mo ya òjìji sí, ó dúdú díẹ̀ níbi tí àkísà ti kan ilẹ̀, ó sì ń rọ̀ lọ sí ọ̀tún títí ó fi di funfun.

Mo fi ránṣẹ́ láti orí fóònù tèmi, sí nọ́ńbà ọkùnrin náà tí mo rí nígbà tí mo gba fóònù rẹ̀. Mo sì fi ohùn kún un. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi dúró níbẹ̀, ó ń gbọ́ mi.

"Ẹ káàárọ̀ o. Èmi onífọ́tò ni. Ìdí ìkòkò yẹn kì í ṣe pẹrẹsẹ, róbótó ni. Èmi ni mo ṣì í yà, Ìyá kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ yọ ti àkọ́kọ́ kúrò nínú ìsọ̀. Èyí ni bó ṣe rí."

Àmì kan ṣoṣo ló yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀rọ̀ náà. Kò dé. Ọkùnrin náà ti wọ inú igbó tí nẹ́tíwọ́ọ̀kì kò sí.

Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi jáde, ó jókòó sórí bẹ́ǹṣì tó wà ní ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó kọ ẹ̀yìn sí mi. Mo gbé omi lọ fún un, kò gbà á. Wọ́n pe ìrun ọ̀sán. Ó lọ, ó sì padà wá jókòó sí ojú kan náà. Onígbàjámọ̀ fún un ní ẹ̀pà. Ó gbà á, ó dì í mọ́ ọwọ́, kò jẹ ẹ́.

Onígbàjámọ̀ wọlé tọ̀ mí wá. "Ẹ̀gbọ́n, ìkòkò nìkan kọ́ ló máa fọ́ lónìí o."

"Lọ fá orí."

"Mo ti fá orí méjì láti àárọ̀. Orí tiyín ló kù. Òun ló sì le jù."

Mo ń wo fóònù. Àmì kan ṣoṣo. Mo tẹ ìwé fún obìnrin olùkọ́ kan, mo tẹ orúkọ rẹ̀ lódì, mo tún un tẹ̀. Mo wo fóònù. Mo ro pé bóyá ó dáa kí ọ̀rọ̀ náà má dé rárá, kó jẹ́ pé ọkùnrin náà fúnra rẹ̀ ló máa wá rí i. Mo ro pé bóyá yóò dé Ìsẹ́yìn, yóò gbọ́, yóò sì yí padà. Èrò kejì yìí ni kò jẹ́ kí n lè jókòó jẹ́ẹ́. Mo rí ẹ̀yìn ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi láti ojú fèrèsé, ó dúró gbọin bí ẹni ń gbọ́ ọ̀rọ̀ lọ́nà jíjìn.

Nígbà tí oòrùn ti tẹ̀, àmì náà di méjì, ó sì yí àwọ̀ padà. Ọkùnrin náà ti gbọ́. Kò dáhùn.

Mo jáde lọ sọ fún ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi.

"Kí ló wí?"

"Kò wí nǹkan kan."

Ó mi orí. Ó ju ẹ̀pà náà fún adìyẹ tó ń kọjá.

Wọ́n ti kírun aláásárì tán kí ọkọ̀ kékeré funfun kan tó dúró níwájú ṣọ́ọ̀bù. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan sọ̀kalẹ̀, eruku bo bàtà rẹ̀. Ó dọ̀bálẹ̀ fún ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi díẹ̀, kì í ṣe tọkàntọkàn. Ó yíjú sí mi.

"Bàbá, ṣé ẹ̀yin lẹ fi ohùn yẹn ránṣẹ́?"

"Èmi ni."

"Ọ̀tú ni mo ti gbọ́ ọ. Ṣé ẹ mọ̀ pé àwọn èèyàn ti ń bèèrè fún ìdí pẹrẹsẹ yẹn? Kí ni kí n wí fún wọn?"

"Ẹ sọ fún wọn pé onífọ́tò ló ṣì í."

"Wọn ò mọ onífọ́tò. Èmi ni wọ́n mọ̀."

Mo mú un wọlé, mo fi hàn án lójú kọ̀ǹpútà. Mo pa ìpele òjìji, mo pa ìpele funfun, àgbàlá yọ padà, pẹ̀lú adìyẹ àti sálúbàtà. Mo fi ìka tọ́ka sí ibi tí mo ti fa ìlà kọjá lórí òṣùká. Ó tẹjú mọ́ ọn. Ó bi mí bóyá mo mọ̀ pé òun lè má mọ̀ títí òun yóò fi kó wọn délé. Mo ní mo mọ̀.

Ó jáde, ó lọ bá ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi.

"Màmá, ṣé ẹ lè mọ ìdí pẹrẹsẹ?"

Èmi àti onígbàjámọ̀ dúró lẹ́nu ọ̀nà. Bó bá ní bẹ́ẹ̀ ni, gbogbo rẹ̀ parí síbẹ̀, kò sẹ́ni tó máa fà á lọ Èkó.

"Mo lè mọ ọ́n," ó wí.

Ọkùnrin náà ti ń rẹ́rìn-ín.

"Èyí tí ẹ máa fi bu ọbẹ̀ wá síwájú àlejò, mo lè mọ ọ́n ní pẹrẹsẹ. Èyí tí ẹ máa gbé kaná, iná á là á níbi igun ìdí. Ìyá mi ti dán an wò rí. Ariwo rẹ̀ jí gbogbo ilé." Ó wo ilẹ̀. "Mi ò fẹ́ kí ẹ kó wọn padà wá bá mi."

Ọkùnrin náà rìn lọ sí ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ rẹ̀, ó gbé fóònù sétí. Ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi kò wò mí, ṣùgbọ́n ó sún lórí bẹ́ǹṣì, àyè kan ṣí sílẹ̀. Mo jókòó síbẹ̀. A jọ ń wo ẹ̀yìn ọkùnrin náà.

"Ó ń gbọn ẹsẹ̀," ó wí.

"Mo rí i."

"Ẹni tó ń gbọn ẹsẹ̀, kò tíì mọ ohun tó fẹ́ ṣe."

Ọkùnrin náà padà wá. Ó ní òun ti yọ àwòrán àkọ́kọ́ kúrò, òun sì ti fi èkejì sí i. Òun á kọ ọ́ síbẹ̀ pé ti èédú àti igi ni. Àwọn kan wà tó ń wá irú ẹ̀. Ṣùgbọ́n àwọn kékeré nìkan lòun lè gbé, kí òun fi wò ó. Àwọn ńlá, kí Màmá má bínú, òun ò lè gbé wọn.

"Ẹni tó bá sì rà á, á gba òṣùká rẹ̀ pọ̀ mọ́ ọn," ó wí. "Bó ṣe wà nínú àwòrán ni kó ṣe dé ọwọ́ wọn."

"Àkísà yẹn?"

"Àkísà yẹn gan-an, Màmá. Àfi kí ẹ fọ̀ ọ́."

Onígbàjámọ̀ bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó mi fi ọwọ́ bo ẹnu, n kò mọ̀ bóyá ẹ̀rín ni tàbí nǹkan mìíràn. Ó pe ọmọ rẹ̀ níbẹ̀, níṣojú gbogbo wa. Ó ní wọ́n ti ra àwọn kékeré. Ó gbọ́ fún ìgbà díẹ̀. Ó ní, "Ó dáa. Ọ̀rọ̀ lílọ di òjò àkọ́rọ̀ tó tẹ̀lé èyí." Ó pa fóònù.

Ó wọ ọkọ̀ kí wọ́n lọ kó ìkòkò ní Àgọ́ Àmọ̀dù kí ilẹ̀ tó ṣú. Ó yọ orí láti ojú fèrèsé.

"Ọkọ wa, ká ní ẹ ti sọ fún mi ni, ǹ bá fi aṣọ tó dáa ká òṣùká náà."

"Èmi náà ò mọ̀, Ìyá."

"Àwọn ńlá ṣì wà ńlẹ̀ o."

"Mo gbọ́."

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, n kò ṣí ṣọ́ọ̀bù. Mo di páálí funfun méjì mọ́ ẹ̀yìn ọ̀kadà mi, mo gbé kámẹ́rà kọ́ ọrùn, mo sì lọ sí Àgọ́ Àmọ̀dù kí oòrùn tó le. Mo tẹ́ páálí kan sábẹ́ etí òrùlé ahéré, mo fi èkejì ṣe ẹ̀yìn. Mo ya àwọn ìkòkò ńlá lọ́kọ̀ọ̀kan, nínàró lórí òṣùká. Lẹ́yìn náà mo fi ẹ̀gbẹ́ wọn lélẹ̀, mo sì ya ìdí wọn.